Ṣúgà ọmọ mi kò tó ti ọmọ aládùúgbò, kí ló dé tó jẹ́ eyín tirẹ̀ ló ń kẹ̀?

Ìyá Oníṣọ́ọ̀bù Ìjàpò · Ọjọ́ Ajé, 8:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ ọmọ mi obìnrin ló gbé mi wá. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Ó ti tó oṣù méjì tó ti ń ké pé eyín ń dun òun bó bá mu omi tútù. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú eyín ní Ẹtì tó kọjá. Wọ́n ní eyín mẹ́rin ti kẹ̀, wọ́n ní kí n dín ohun dídùn kù fún un. Èrò pọ̀ lẹ́yìn wa, n kò lè dúró béèrè ohun tó wà lọ́kàn mi.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu rèé. Aládùúgbò wa ní ọmọ mẹ́ta. Bí wọ́n bá fẹ́ mu gààrí lọ́sàn-án, ṣúgà tí wọ́n ń dà sí i á bà yín lẹ́rù. Wọ́n á jókòó, wọ́n á mu ún tán, ó di ibi bọ́ọ̀lù. Eyín wọn funfun báláú, kò sí ihò kan níbẹ̀. Tèmi kì í jẹ ju súìtì mẹ́rin márùn-ún lọ lójúmọ́, pẹ̀lú mínírà ìgò kan ṣoṣo. Ìgò kan náà ló máa ń mu láti ìgbà tó bá ti ilé ìwé dé títí n ó fi ti ṣọ́ọ̀bù. Bí a bá wọn ṣúgà tirẹ̀ mọ́ tiwọn, mo mọ̀ pé tiwọn ló máa wúwo jù. Kí ló wá dé tó jẹ́ òun ni akokoro mú?

Bàbá Òkè Àró · Ọjọ́ Ajé, 9:05 alẹ́

Ọmọ mi, kú ìtọ́jú. Kòkòrò ló wà nínú eyín yẹn. Mo ti fi ojú ara mi rí i. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá àgbà kan lágbègbè wa máa ń da èso kan sórí ẹ̀yinná, wọ́n á ní kí ẹni tí eyín ń dùn la ẹnu sí èéfín rẹ̀, wọ́n á fi igbá omi sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Kòkòrò funfun tín-ín-rín á máa bọ́ sínú omi. Ṣúgà kò fi bẹ́ẹ̀ kan ọ̀rọ̀ yìí. Àwa náà jẹ ìrèké, a jẹ oyin. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, eyín méjì péré ló kúrò lẹ́nu mi. Orin ata ni mo ń rin.

Ìyá Ìbejì Alágbàká · Ọjọ́ Ajé, 9:12 alẹ́

Ẹ jẹ́ kó máa fi omi iyọ̀ lílọ́ wọ́ọ́rọ́ yọ ẹnu láàárọ̀ àti lálẹ́. Èrìgì tèmi ń ṣẹ̀jẹ̀ nígbà tí mo lóyún àwọn ìbejì, omi iyọ̀ ni mo lò tó fi dá.

Ìyá Oníṣọ́ọ̀bù Ìjàpò · Ọjọ́ Ajé, 9:15 alẹ́

Ẹ ṣeun, Ìyá Ìbejì. Èrìgì rẹ̀ kò ṣẹ̀jẹ̀ o. Eyín gan-an ló ní ihò.

Akẹ́kọ̀ọ́ Gúúsù Géètì · Ọjọ́ Ajé, 9:31 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ mà. Bàbá, ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n kò sí aràn nínú eyín. Ṣúgà ló fà á. Iye ṣúgà tó wọ ẹnu lójúmọ́ ni kí ẹ máa wò. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ ò ka gbogbo ohun tí àbúrò wa ń jẹ. Bísíkíìtì ní ṣúgà, ẹ̀kọ àárọ̀ ní ṣúgà, tíì ní ṣúgà. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ẹ ó rí i pé ó ju ti àwọn ọmọ aládùúgbò yín lọ. Ẹ fi oyin rọ́pò ṣúgà nínú ẹ̀kọ rẹ̀. Ẹ sì jẹ́ kó máa fọ eyín ní kété tó bá ti jẹ ohun dídùn tán.

Nọ́ọ̀sì Eyín Òǹdó · Ọjọ́ Ajé, 10:20 alẹ́

Ìyá, ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ. Yàrá ìtọ́jú eyín ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti bí ọdún mẹ́rìndínlógún, ìbéèrè yín yìí kan náà làwọn ìyá máa ń gbé wá. Ohun tí ẹ ń wá sì wà nínú ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin fúnra yín kọ. Ẹ ní àwọn ọmọ yẹn jókòó, wọ́n mu gààrí tán, wọ́n lọ gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ wá ní ọmọ tiyín ń mu ìgò kan láti ìgbà tó ti ilé ìwé dé títí ẹ fi ti ṣọ́ọ̀bù. Ibẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́la, kí ẹ tó fọ eyín, ẹ fi èékánná họ ẹ̀bá èrìgì yín díẹ̀. Nǹkan funfun rírọ̀ á bá èékánná yín jáde. Àwọn kòkòrò àìfojúrí ló kóra jọ síbẹ̀, wọn kò ṣeé kà. Wọ́n wà lẹ́nu ọmọ yín, wọ́n wà lẹ́nu àwọn ọmọ aládùúgbò, wọ́n wà lẹ́nu tèmi tí mo ń kọ eléyìí. Nínú wọn la ti rí èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Sitirẹputokókọ́ọ̀sì mútánsì. Bí ṣúgà bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nǹkan méjì ló máa ń fi ṣe. Ó máa ń fi díẹ̀ ṣe oje tó ń lẹ̀ bí àtè, kó lè dì mọ́ eyín. Ó máa ń jẹ ìyókù, ohun tó sì máa ń tú jáde lẹ́yìn tó bá jẹ ẹ́ ni omi kíkan.

Ẹni tó bá ti ṣe ògì rí ti mọ ọ̀rọ̀ yìí. Àgbàdo tí a rẹ sómi kì í kan fúnra rẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí ló ń jẹ ohun tó wà nínú rẹ̀ tí omi rẹ̀ fi ń kan. Omi kíkan tó wà nínú omidùn àti èyí tí wọ́n ń ṣe lára eyín, oríṣi kan náà ni. Ti ògì máa ń gba ọjọ́ méjì mẹ́ta. Ti ẹnu kì í gbà ju ìṣẹ́jú méjì sí márùn-ún lọ. Ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Sítẹ́fáànù ló wọn èyí lẹ́nu àwọn èèyàn láàárín ọdún 1940 sí 1944. Ó ní kí wọ́n fi omi ṣúgà yọ ẹnu, ó wá ń wo bí kíkan náà ṣe ń lọ sókè sódò. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wọn ìkan, 7 ni omi lásán. Bó bá ṣe ń wálẹ̀ ni nǹkan ṣe ń kan sí i. Bó bá ti wálẹ̀ kọjá bíi 5.5, ara eyín á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ díẹ̀díẹ̀, bí èèpo ẹyin ṣe ń yọ́ nínú omi ọsàn wẹ́wẹ́.

Ìgbà náà ni itọ́ á dá sí i. Itọ́ á fọ omi kíkan náà, á pa agbára rẹ̀, á sì dá ohun líle tó yọ́ kúrò lára eyín padà sáyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n itọ́ ń fẹ́ àkókò. Ó lè gbà á ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó lè gbà á tó wákàtí kan. Bí ọmọ bá tún fi ṣúgà kan ẹnu kí iṣẹ́ náà tó parí, ìbẹ̀rẹ̀ ló padà sí.

Ìdí nìyẹn tí n kò fi ní kọ́kọ́ béèrè iye ṣíbí ṣúgà lọ́wọ́ yín. Aago ni mo fẹ́ mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, lọ́la, ẹ kọ gbogbo ìgbà tí ohunkóhun yàtọ̀ sí omi bá wọ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, kódà kó jẹ́ ìfamu kan ṣoṣo.

Akẹ́kọ̀ọ́ wa, oyin kò yàtọ̀ sí ṣúgà lójú àwọn kòkòrò yìí. Ó tún máa ń lẹ̀ mọ́ eyín. Ìyá, ẹ má gbé oyin lé e.

Awakọ̀ Akúrẹ́ sí Èkó · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:50 àárọ̀

Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì yìí bá mi nínú ọkọ̀. Mo ń fi ohun mímu inú agolo, èyí tí kì í jẹ́ kéèyàn sùn, wa ọkọ̀ lóru. Agolo kan péré ni mo máa ń rà. Mo máa ń fà á díẹ̀ ní Oǹdó, mo máa ń fà á ní Orẹ̀, mo máa ń fà á títí n ó fi wọ Ṣágámù, kó má bàa tètè tán. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Eyín mi ti jẹ wọnú nídìí, lẹ́bàá èrìgì, ní iwájú gan-an. Àfi bíi pé wọ́n fi ayùn fá a. Ẹni tó wò ó bi mí bóyá mo máa ń jẹ súìtì. Mo ní rárá, òótọ́ sì ni. Kò bi mí nípa agolo, èmi náà kò sì mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ ọ́.

Bàbá Òkè Àró · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:30 àárọ̀

Nọ́ọ̀sì, mo gbọ́ yín. Ṣé ohun tí mo rí nínú igbá omi wá jẹ́ irọ́?

Nọ́ọ̀sì Eyín Òǹdó · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:10 ọ̀sán

Bàbá, ẹ kò purọ́, ẹ rí nǹkan lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ ìlú láyé ni wọ́n ti ṣe irú èyí, tí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò. Èso tó wà lórí iná ló máa ń là nígbà tí ooru bá kàn án, ehu funfun inú rẹ̀ á sì ta jáde sínú omi. Lójú ẹni tó ń wò ó, kòkòrò gan-an ló jọ. Bí wọ́n bá sun èso náà láìsí ẹni tó la ẹnu níbẹ̀, nǹkan funfun yẹn á ṣì bọ́.

Ẹ ṣì sọ òótọ́ kan. Ìrèké tí ẹ jẹ, ìgbà mélòó ni lọ́sẹ̀? Iyán ni oúnjẹ yín, ẹ ń jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Ẹnu yín ń sinmi láti oúnjẹ kan dé èkejì. Orin ata tí ẹ ń rin sì ń ha ìdọ̀tí yẹn kúrò dáadáa. Kìkì pé kì í dé àárín eyín sí eyín, kò sì ní fúlóráìdì nínú bíi ti ọṣẹ ìfọyín.

Ọ̀gá awakọ̀, ti agolo yín le ju ti mínírà lásán lọ. Ohun mímu yẹn ti kan kó tó dé ẹnu yín, òun fúnra rẹ̀ ń yọ́ eyín. Lẹ́yìn náà ni àwọn kòkòrò á tún fi ṣúgà inú rẹ̀ ṣe omi kíkan tiwọn. Ẹ sì ń pín in fún wọn láti Oǹdó dé Ṣágámù. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tọ́jú yín nípa agolo o, nítorí bí wọ́n bá dí ihò náà tí agolo kò sì kúrò, ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n dí ló tún máa jẹ.

Ìyá Oníṣọ́ọ̀bù Ìjàpò · Ọjọ́rú, 9:20 alẹ́

Nọ́ọ̀sì, mo kọ ọ́. Ojú tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n n ó sọ gbogbo rẹ̀.

Aago méje àárọ̀ kọjá díẹ̀, ó mu ẹ̀kọ pẹ̀lú ṣúgà àti àkàrà. Bá a ṣe ń jáde nílé, ó mú súìtì kan, ó ń lá a lọ nínú kẹ̀kẹ́ títí dé ilé ìwé. Aago mẹ́wàá àbọ̀, bísíkíìtì àti júùsì inú páálí. Aago méjì ó dé ṣọ́ọ̀bù, ó jẹ ìrẹsì, ó ṣí mínírà. Láti ìgbà yẹn ni mo ti wá jókòó tì í pẹ̀lú bírò. Ó fà á ní 2:20, ó fà á ní 2:45, ó lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré, ó padà wá fà á ní 3:10. Ó mú bàbá dúdú kan nínú ike ní agogo mẹ́ta àbọ̀. Ó tún fà á ní 3:50 àti 4:15, ó lá súìtì kan ní 4:30, ó fà á ní 4:55, 5:20 àti 5:45. Mínírà yẹn ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, gáàsì ti tán nínú rẹ̀, kò yọ ọ́ lẹ́nu. Aago mẹ́fà kọjá la ti ṣọ́ọ̀bù, ìsàlẹ̀ ìgò náà ṣì kù. Ó jẹ ẹ̀bà lálẹ́. Aago mẹ́sàn-án, tíì pẹ̀lú mílíìkì àti ṣúgà, ó sùn pẹ̀lú ife náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àárọ̀ nìkan ló ń fọ eyín, kó tó jẹun.

Nọ́ọ̀sì Eyín Òǹdó · Ọjọ́rú, 10:05 alẹ́

Kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀. Ìyá tó bá lè kọ báyìí lọmọ rẹ̀ ń rí ìwòsàn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pọ̀.

Ẹ mú agogo méjì ọ̀sán sí agogo mẹ́fà. Àlàfo tó gùn jù láàárín ìfamu kan àti ohun dídùn tó tẹ̀ lé e kò ju ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n lọ. Itọ́ ń fẹ́ ó kéré tán ọgbọ̀n. Ó túmọ̀ sí pé ẹnu rẹ̀ kò bọ́ nínú kíkan rárá láti agogo méjì títí di nǹkan bí agogo mẹ́fà àbọ̀. Wákàtí mẹ́rin àbọ̀ nìyẹn, látinú ìgò kan, súìtì kan àti bàbá dúdú kan. Ká ní ó mu ìgò náà tán pẹ̀lú ìrẹsì ní agogo méjì ni, kí ó fi omi ṣan ẹnu, ọ̀rọ̀ á ti parí kí agogo mẹ́ta tó lù. Ìgò kan náà ni, ṣúgà kan náà ni.

Ẹ wá fi àwọn ọmọ aládùúgbò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ká ní ṣúgà inú gààrí wọn tó ìlọ́po méjì. Ohun tí àwọn kòkòrò náà lè jẹ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ìwọ̀n. Ìyókù ti bá gààrí wọnú ikùn. Bí ẹ bá da garawa omi sí ewé lẹ́ẹ̀kan, èyí tó pọ̀ jù á ṣàn lọ. Èyí tó ń kán tó, tó, tó láti àárọ̀ dalẹ́ ni kì í jẹ́ kí ewé gbẹ.

Ti bàbá dúdú, ẹ jẹ́ kí n dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Súwídìn, láti ọdún 1945, wọ́n ṣe àyẹ̀wò kan ní ilé ìwòsàn tó ń jẹ́ Fípẹhọ́ọ̀mù. Wọ́n fún àwọn kan ní ṣúgà púpọ̀ nínú oúnjẹ, wọ́n fún àwọn mìíràn ní tọ́fì tó ń lẹ̀ mọ́ eyín láàárín oúnjẹ sí oúnjẹ. Wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1954. Àwọn tó jẹ ṣúgà pẹ̀lú oúnjẹ, eyín wọn kò fi bẹ́ẹ̀ bàjẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn tó ń jẹ tọ́fì mẹ́rìnlélógún káàkiri ọjọ́ ni eyín wọn jẹ jù. Ó dùn mí láti sọ pé àwọn tí ọpọlọ wọn kò pé ni wọ́n lò, tí wọn kò lè sọ pé àwọn kò fẹ́. Ìwà ìkà ni, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún un ṣe. Àmọ́ ohun tí wọ́n jìyà rẹ̀ ni a fi mọ ohun tí mo ń sọ fún yín yìí.

Tíì alẹ́ ló burú ṣìkejì. Bí ọmọ bá sùn, itọ́ rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ṣúgà tó bá sùn tì lẹ́nu kò ní ẹni tí yóò fọ̀ ọ́. Omi nìkan ni kó mu lẹ́yìn tó bá ti fọ eyín alẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Gúúsù Géètì · Ọjọ́bọ̀, 12:15 ọ̀sán

Mà, mo gba ti oyin, mo ṣì fẹ́ dúró lórí ìyókù ọ̀rọ̀ mi. Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ ní 2015 pé kí ṣúgà tí a fi kún oúnjẹ, pẹ̀lú ti oyin àti ti júùsì, má ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún agbára oúnjẹ ojúmọ́ lọ, ó sì dára bí kò bá tó márùn-ún. Iye ni wọ́n sọ, wọn kò sọ iye ìgbà. Eyín sì wà lára ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́. Bí a bá wá ń sọ fún àwọn ìyá pé kò séwu nínú ṣúgà bó bá ṣáà ti jẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ṣé a kò ní ṣì wọ́n lọ́nà?

Nọ́ọ̀sì Eyín Òǹdó · Ọjọ́bọ̀, 8:30 alẹ́

Àbúrò, ìbéèrè rẹ dára, n kò ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Àwọn onímọ̀ gan-an kò tíì fẹnu kò lórí rẹ̀. Ẹni tó ń jẹ nígbà púpọ̀ sábà máa ń jẹ púpọ̀, kì í rọrùn láti ya méjèèjì sọ́tọ̀. Àwọn kan ní iye ló ṣe kókó, àwọn kan ní iye ìgbà. Ohun tí èmi ń rí lórí àga ni pé bí mo bá sọ fún ìyá pé kó dín ṣúgà kù, ó máa ń dín ṣíbí kan kù nínú ẹ̀kọ, ìgò ọ̀sán á sì wà níbi tó wà. Bí mo bá ní kó kó gbogbo rẹ̀ sí àkókò oúnjẹ, iye náà ń dín kù fúnra rẹ̀, torí pé ikùn ọmọ kò gba tó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi kò sì sọ pé ṣúgà púpọ̀ kò léwu. Ó ní ohun mìíràn tó ń bà jẹ́ lára, yàtọ̀ sí eyín.

Ibì kan ni n kò ti ní gbà fún ọ. O ní kó fọ eyín ní kété tó bá jẹ ohun dídùn tán. Bó bá jẹ́ mínírà tàbí júùsì ló mu, ojú eyín ti rọ̀ díẹ̀ nígbà yẹn. Kó fi omi ṣan ẹnu, kó jẹ́ kí itọ́ ṣiṣẹ́ rẹ̀ ná.

Tíṣà Ìsinkàn · Ọjọ́bọ̀, 9:00 alẹ́

Ní kíláàsì mi, àwọn òbí ti kúrò lórí súìtì, wọ́n wá ń kó bísíkíìtì àti ṣínṣín sínú àpò ọmọ. Wọ́n ní kì í ṣe ohun dídùn. Ṣùgbọ́n mo máa ń rí i tí ó bá di agogo méjìlá, bísíkíìtì agogo mẹ́wàá ṣì wà lójú eyín wọn, ó ti di bí àmàlà. Ṣé ìyẹn kò burú ju súìtì lọ?

Nọ́ọ̀sì Eyín Òǹdó · Ọjọ́bọ̀, 9:25 alẹ́

Tíṣà, ẹ ti rí i kedere. Ìyẹ̀fun tí a ti sè tàbí tí a yan, itọ́ ń sọ ọ́ di ṣúgà lẹ́nu níbẹ̀. Bó bá wá lẹ̀ sójú eyín fún wákàtí méjì, oúnjẹ ti wà nílẹ̀ fún àwọn kòkòrò. Ẹ̀pà dára ju bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí àgbọn tútù, tàbí ẹyin sísè. Ọmọ tó bá ń jẹ àgbọn ń rún un lẹ́nu gan-an, itọ́ rẹ̀ á máa sun.

Ìyá Oníṣọ́ọ̀bù Ìjàpò · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:15 àárọ̀

Eyín tó ti kẹ̀ ńkọ́? Ṣé bí mo bá dá gbogbo èyí dúró, ihò náà á dí? Àti pé eyín ọmọdé kúkú ni, ṣé kò ní kúrò fúnra rẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Eyín Òǹdó · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:40 ìrọ̀lẹ́

Ihò kì í dí fúnra rẹ̀, ìyá. Àmọ́ ohun tó ń ṣáájú ihò lè padà sẹ́yìn. Ẹ gbé e sí ojú ìmọ́lẹ̀, ẹ fi aṣọ mímọ́ nu eyín rẹ̀ gbẹ, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀. Ẹ wo ẹ̀bá èrìgì. Bí ẹ bá rí ibi tó funfun ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹfun, tí kò dán bí ìyókù, eyín ń yọ́ níbẹ̀ lọ́wọ́ ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò tíì là. Ibẹ̀ la ti lè dá a dúró. Ọṣẹ ìfọyín tó ní fúlóráìdì, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, èyí tó tóbi tó èso ẹ̀wà kékeré kan. Kó tu ìfófòó dànù, kó má fi omi púpọ̀ yọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀, kí fúlóráìdì lè dúró díẹ̀. Ẹ̀yin ni kí ẹ máa di búrọ́ọ̀ṣì mú, ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà kò tíì dé ẹ̀yìn dáadáa. Bó bá ń sàn, ibi ẹfun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í dán, kódà bó bá ṣì funfun.

Ti eyín ọmọdé, ẹ má fi sílẹ̀. Àwọn eyín inú lọ́hùn-ún kì í kúrò títí ọmọ fi pé ọdún mẹ́sàn-án sí méjìlá. Ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn láti fi jẹ ìrora. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá wú, tàbí ara rẹ̀ gbóná, tàbí ìrora kò jẹ́ kó sùn, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín.

Ẹ tún ka eyín rẹ̀. Ní ọmọ ọdún mẹ́fà, eyín àgbà kan máa ń hù lẹ́yìn gbogbo eyín ọmọdé, láìsí pé eyín kankan kúrò. Ọ̀pọ̀ ìyá rò pé eyín ọmọdé ni. Òun kò ní ìrọ́pò.

Bàbá Òkè Àró · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:00 ìrọ̀lẹ́

Nọ́ọ̀sì, n kò tíì gbà tán lórí ọ̀rọ̀ ehu yẹn. Èyí tó kàn mí lónìí ni pé àwọn ọmọ-ọmọ mi ń bọ̀ lọ́dún, èmi ni mo máa ń ra lọ́lípọ́ọ̀pù fún wọn. Àgbàdo sísè àti àgbọn ni n ó rà lọ́tẹ̀ yìí.

Ìyá Oníṣọ́ọ̀bù Ìjàpò · Ọjọ́ Àìkú, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn náà, 8:10 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n ti dí méjì, wọ́n yọ ọ̀kan, wọ́n ní kí a padà wá fún ìkẹrin. Nọ́ọ̀sì, eyín àgbà tí ẹ sọ náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, lápá òsì nísàlẹ̀. N kò mọ̀ pé ó ti hù. Ó ní ibi ẹfun kan lójú rẹ̀. Ẹni tó wò ó ní kò tíì là, wọ́n fi nǹkan fúlóráìdì kan kùn ún.

Mo ti gbé ike súìtì kúrò lórí káńtà lọ sí òkè pẹpẹ. Mínírà di ọjọ́ Àìkú, pẹ̀lú ìrẹsì, ní ìjókòó kan. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ló sunkún lórí tíì alẹ́. Lọ́jọ́ kẹrin ó béèrè omi. Ibi tó ṣì ń yọ mí lẹ́nu ni ìyá mi ní Ìdànrè. Bá a bá lọ kí wọn, wọ́n á ti fi súìtì sí i lọ́wọ́ kí n tó yọ bàtà. N kò mọ bí n ó ṣe sọ ọ́ fún wọn tí kò fi ní dà bíi pé mo ń dá wọn lẹ́kọ̀ọ́.

Tíṣà Ìsinkàn · Ọjọ́ Àìkú, 8:25 alẹ́

Ẹ má sọ ọ́ fún wọn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi ibi tí wọ́n ti yọ eyín hàn wọ́n.